Omi tó tó fún ẹni tó ń lo kíríátíìnì nígbà ooru

“Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ọmọ ọdún 24 ni mí, mo sì wọn kílò 78. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo páúdà kíríátíìnì, gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, gíráàmù 5 lójúmọ́ báyìí. Mo tún ti fi kún irin tí mò ń gbé. Ooru ń mú gan-an lásìkò yìí, a sì ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní kíríátíìnì máa ń gbẹ omi ara, pé tí n kò bá mu lítà 7 lójúmọ́, pajápajá á máa mú mi. Mò ń mu ún, síbẹ̀ pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkínní nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ parí, ìkejì lóru lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé kí n jáwọ́ ni, àbí kí n fi kún omi?”

Àbúrò mi, má fi kún omi náà o. Ńṣe ni kí o dín in kù láti òní lọ. Ní ti kíríátíìnì, bí kíndìnrín ẹ bá dá ṣáṣá, o lè máa lò ó lọ, torí ó jàre ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án yìí. Àmọ́ pajápajá ẹ níbi tó ti wá, a ó sì dé ibẹ̀. Ibi tí omi ń gbà lọ ni ká kọ́kọ́ wò.

Ara ẹ fúnra rẹ̀ ń ṣe kíríátíìnì. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń pò ó pọ̀, a sì tún ń rí i nínú ẹran àti ẹja. Bí 95 nínú 100 rẹ̀ ló ń gbé inú iṣan, níbi tó ti ń mú kí agbára tètè dé bí èèyàn bá sá eré àsápajúdé tàbí tó gbé irin tó wúwo. Bó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan, omi a tẹ̀ lé e wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń wúwo sí i ní kílò kan sí méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó ní iṣan tuntun kankan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Àwọn èèyàn gbọ́ pé iṣan ń fa omi, wọ́n wá rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kò ní sí omi tí ara máa fi làágùn mọ́. Ṣùgbọ́n omi tó wọ inú iṣan kò jáde kúrò lára. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọn gbogbo omi tó wà lára àwọn tó ń lò ó, pípọ̀ ló pọ̀ sí i. Ohun tó ń gbé omi jáde kúrò lára èèyàn ni òógùn, ìtọ̀, ìgbẹ́, èébì àti èémí. Kíríátíìnì kì í sì í ṣe oògùn tó ń múni tọ̀.

Jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà, torí ìṣirò ló máa ń pa àsọdùn. Ká ní o fi kílò kan àti ààbọ̀ wúwo sí i ní ọ̀sẹ̀ tí o lo gíráàmù 20 lójúmọ́, ká sì gbà pé omi ni gbogbo rẹ̀. Omi lítà kan ni kílò kan, ìyẹn ni pé lítà kan àti ààbọ̀ ni iṣan ẹ gbà láàárín ọjọ́ méje. Bí a bá pín in, ó jẹ́ nǹkan bí mílílítà 215 lójúmọ́. Kọ́ọ̀pù omi kan tí kò kún dẹ́nu nìyẹn! Tí o bá pín gíráàmù 20 náà sí ìgbà mẹ́rin bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tí o sì fi kọ́ọ̀pù omi kan po ìkọ̀ọ̀kan, o ti san gbèsè yẹn, ó sì tún ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, iṣan ti kún. Gíráàmù 3 sí 5 tí èèyàn ń lò lẹ́yìn náà kàn ń dí àlàfo èyí tí ara ń sọ nù lójoojúmọ́ ni, omi tó ń bá a wọlé kò sì tún tó nǹkan tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o mu lítà 7 nítorí kíríátíìnì, ní kó wá jókòó kó ṣírò ẹ̀ fún ẹ.

Ọ̀nà kan wà o, tí kíríátíìnì lè gbà gba omi lára èèyàn, ikùn sì ni ọ̀nà náà. Ẹni tó bá da gíráàmù 10 sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì gbé e mì pẹ̀lú páúdà tó ṣì wà nísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù, lè fi ìgbẹ́ gbuuru parí rẹ̀, torí èyí tí ìfun kò rí gbà yóò máa fa omi sínú ìfun. Lásìkò ooru, ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nítorí èyí ni mi ò fi fẹ́ràn kí èèyàn máa lo gíráàmù 20 lójúmọ́ nígbà tí ooru bá le. Gíráàmù 3 lójúmọ́ yóò kún iṣan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ibì kan náà sì ni méjèèjì máa já sí. Lo omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, rò ó dáadáa, kí o sì wo ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù kí o tó gbé e mu.

Ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀ yìí ní ìtàn. Ní ìparí ọdún 1997, àwọn ọ̀dọ́ oníjàkadì mẹ́ta ní yunifásítì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà kú láàárín nǹkan bí oṣù kan síra wọn. Wọ́n ń sáré kí ìwọ̀n wọn lè wálẹ̀ kí wọ́n lè wọ ẹgbẹ́ àwọn tí kò wúwo. Wọ́n wọ aṣọ rọ́bà tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ àṣekára níbi tó gbóná, wọ́n sì dín omi tí wọ́n ń mu kù. Ariwo kíríátíìnì sọ, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà. Nígbà tí ìròyìn ìjọba jáde ní ọdún 1998, ooru tó pọ̀ jù lára àti àìtó omi láti inú fífipá dín ìwọ̀n kù ni wọ́n tọ́ka sí. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì kìlọ̀ ní ọdún 2000 pé kí àwọn tó ń ṣeré nínú ooru tàbí tó ń dín ìwọ̀n kù yẹra fún lílo rẹ̀ ní púpọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ nígbà náà kò tó nǹkan. Ìkìlọ̀ yẹn ló wá di òfin lẹ́nu àwọn kóòṣì títí dòní.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n wá ṣe ìdánwò rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní kíríátíìnì, wọ́n fún àwọn mìíràn ní páúdà tí kò ní nǹkan nínú, wọ́n sì ní kí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ tàbí kí wọ́n sáré nínú yàrá gbígbóná. Ara àwọn tó lo kíríátíìnì kò gbóná ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú ìdánwò mélòó kan, ó tiẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní yunifásítì jálẹ̀ sáà kan, nínú ooru, wọ́n sì rí i pé pajápajá àti àìtó omi kéré lára àwọn tó ń lo kíríátíìnì ju àwọn tí kò lò ó lọ. Má kàn sáré sọ pé oògùn pajápajá ni, torí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ló fúnra wọn yàn bóyá àwọn fẹ́ lò ó, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ mọ ohun mìíràn tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé kò dá kún un. Kí o sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìdánwò wọ̀nyí.

Ó kan pajápajá wàyí. Nígbà tó mú ẹ lórí pápá, kí lo ṣe? Mo mọ̀ pé o jókòó, o na ẹsẹ̀, ẹnì kan di ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ mú, ó tì í sọ́dọ̀ ojúgun, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tó ti le bí òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Rò ó wò ná. Bó bá jẹ́ pé àìtó omi ló mú ẹ, omi wo ló wọlé nígbà tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ ẹ? Àwọn olùwádìí ti fi àwọn eléré tí pajápajá mú lẹ́yìn eré ọlọ́nà jíjìn wé àwọn tí kò mú, omi tí wọ́n pàdánù àti iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tó ń ya àwọn tó ń mú sọ́tọ̀ jù ni pé wọ́n sá eré ju bí ara wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ, tàbí pé ó ti mú wọn rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àárẹ̀ iṣan ni òléwájú. Nínú iṣan àti okùn tó so ó mọ́ egungun, àwọn iṣan ìmọ̀lára wà tí wọ́n ń jíṣẹ́: àwọn kan ń sọ pé “fún pọ̀”, àwọn kan ń sọ pé “dẹ̀”. Bí iṣan bá ti rẹ̀, ohùn àwọn tó ń sọ pé “fún pọ̀” a máa lọ sókè, ti àwọn tó ń sọ pé “dẹ̀” a sì lọ sílẹ̀. Bí iṣan náà bá wá wà ní kíkúrú nígbà yẹn, bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí o bá fi orí ìka tẹlẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù, ó lè fún pọ̀ kó má sì dẹ̀ mọ́. Nínà ló ń jí àwọn tó ń sọ pé “dẹ̀” dìde.

Èyí tó mú ẹ lóru kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, pàápàá tí aṣọ ìbora bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ a máa na síwájú, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ a sì kúrú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Iṣan tó ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀ lọ́sàn-án kò nílò ju ìyípadà kékeré kan lọ kó tó fún pọ̀. Wàyí o, wo ohun tí o kọ sí mi: o bẹ̀rẹ̀ kíríátíìnì, o fi kún irin, ooru náà dé, ó sì ṣeé ṣe kí o ti wúwo sí i ní nǹkan bíi kílò kan tí ẹsẹ̀ kan náà ń gbé sáré kiri pápá. Kíríátíìnì ń jẹ́ kí èèyàn lè gbé irin ní ìgbà kan tàbí méjì sí i kó tó rẹ̀ ẹ́, èèyàn a sì gbé e, torí ìdí tó fi rà á nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ní jíìmù ni o gbé wá sórí bọ́ọ̀lù. Bí kíríátíìnì bá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ọ̀nà tó gbà wọlé nìyẹn.

Ti iyọ̀ wà lọ́tọ̀, mi ò sì fẹ́ kí o rò pé mo gbójú fò ó. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti rí i pé àwọn awakùsà tó ń làágùn púpọ̀ nínú ihò gbígbóná, tí wọ́n sì ń fi omi lásán pa òùngbẹ, pajápajá líle máa ń mú wọn, ó sì máa ń dín kù bí wọ́n bá fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi náà. Irú èyí kì í sábà dé lójijì sínú iṣan kan ṣoṣo. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí ẹran ara máa ta kìí-kìí lẹ́sẹ̀, kó tó tàn dé ikùn àti apá. Bí aṣọ eré ẹ tó dúdú bá gbẹ tán, tí ìlà funfun tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí òógùn sì ń ta ẹ lójú, o wà lára àwọn tó ń sọ iyọ̀ púpọ̀ nù. Fún ẹ, omi lítà 7 láìsí iyọ̀ kankan lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dá kún ọ̀ràn ni.

Kí o tó lè mọ iye omi tó jẹ́ tìẹ, òṣùwọ̀n ìwúwo nìkan ni o nílò. Tọ̀ kí o tó lọ síbi eré, bọ́ aṣọ, wọn ara ẹ. Lẹ́yìn eré, nu òógùn kúrò, bọ́ aṣọ tó ti rin, tún wọn ara ẹ kí o tó mu nǹkan kan. Kọ iye omi tí o mu lórí pápá sílẹ̀. Ká ní o wọn kílò 79.2 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, 77.7 nígbà tó parí, o mu mílílítà 600, o kò sì tọ̀ láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀ tí ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù. Kílò 1.5 ló lọ nínú ìwọ̀n ẹ. Fi lítà 0.6 tí o mu kún un, òógùn ẹ jẹ́ lítà 2.1, ìyẹn bíi lítà 1.4 ní wákàtí kan. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ìwọ̀n èèyàn lọ sílẹ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 1.6 fún ẹ. O ti sún mọ́ ọn. Kọ́ọ̀pù omi kan sí i lórí pápá tó, kò pọn dandan kí o dá gbogbo òógùn náà padà níbẹ̀. Lẹ́yìn eré, mu lítà kan àti ààbọ̀ tó kù àti díẹ̀ lé e, fi wákàtí mélòó kan mu ún, kí o sì jẹ oúnjẹ tó níyọ̀ sí i. Bí o bá fi èyí kún lítà méjì sí méjì àti ààbọ̀ tí o máa ń mu lásán, ọjọ́ bọ́ọ̀lù ẹ jẹ́ lítà mẹ́rin àti díẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Òùngbẹ ẹ á sọ fún ẹ. Ṣe é nígbà méjì tàbí mẹ́ta, torí bí oòrùn bá yí padà, òógùn náà á yí padà.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn tó ń lo kíríátíìnì jẹ. Àwọn kan máa ń wọn ara wọn láràárọ̀, bí ìwọ̀n kò bá lọ sílẹ̀ ju ti àná lọ, wọ́n á ní omi ara àwọn pé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n ń gòkè nítorí omi inú iṣan, ó sì lè bo omi tí o sọ nù lánàá mọ́lẹ̀. Torí náà, ìwọ̀n ṣáájú eré àti lẹ́yìn eré ọjọ́ kan náà ni kí o máa fi wéra títí iṣan á fi kún. Fi ìtọ̀ àárọ̀ tì í lẹ́yìn: ó yẹ kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Bó bá pọ́n rúsúrúsú tí kò sì pọ̀, omi kò tó. Bí o bá ń lo fítámì B, àwọ̀ ìtọ̀ kò ní ṣeé gbára lé, torí fítámì náà fúnra rẹ̀ ń mú un pọ́n.

Bí ìtọ̀ bá wá funfun bí omi láti àárọ̀ dalẹ́, tí o sì ń jí lóru láti tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, omi náà ti pọ̀ jù. Èyí ló jẹ́ kí n ní kí o dín in kù. Omi àmujù máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ọpọlọ sì lè wú nítorí rẹ̀. Níbi eré ìje ọlọ́nà jíjìn ìlú Bọ́sítọ̀nù ní ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò, iyọ̀ sì ti lọ sílẹ̀ jù lára 13 nínú 100 wọn. Àwọn tó wúwo sí i láàárín eré ni ọ̀ràn náà kàn jù. Torí náà, bí o bá parí bọ́ọ̀lù tí o wúwo ju ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ lọ, dáwọ́ omi dúró. Bí orí fífọ́, èébì àti ìka wíwú bá bá a rìn, tàbí tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ilé ìwòsàn ló kàn, má sì fún un ní omi sí i. Ìsọkúsọ nínú ooru lè jẹ́ ti ooru fúnra rẹ̀ náà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, ẹ máa da omi tútù sí i lára kí ọkọ̀ tó dé.

Ìtọ̀ tó dúdú bíi tíì lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekára kì í ṣe àìtó omi lásán, iṣan lè ti ń bàjẹ́, dókítà ni kó rí i lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sì ní àrùn kíndìnrín tàbí tó ń lo oògùn tó ń múni tọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan páúdà yìí. Ìwọ náà, bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, sọ fún wọn pé o ń lò ó, torí pàǹtírí tí kíríátíìnì ń dà ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín, ó sì lè ga díẹ̀ láìsí àrùn kankan.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, dá irin ẹsẹ̀ padà síbi tó wà kí o tó fi kún un, má gbé e ní ọjọ́ tó ṣáájú bọ́ọ̀lù, na ẹ̀yìn ẹsẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí o tó sùn, kí o sì máa bá gíráàmù 5 ẹ lọ. Bí pajápajá bá ṣì ń mú ẹ, tí o sì fẹ́ mọ̀ dájú bóyá kíríátíìnì ni, jáwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n má wo ọjọ́ mẹ́ta kí o sọ pé o ti rí ẹ̀rí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí èyí tó kún inú iṣan tó lọ sílẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Má yí irin, bọ́ọ̀lù àti omi padà láàárín ìgbà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o kò ní mọ èwo ló ṣe é.